Ìgò mẹ́ta, òjò kan: fífi àlòkù wọn ojú-ọjọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá

Ìbéèrè: “Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. A fi àlòkù ṣe ibùdó ojú-ọjọ́, a sì gbé òṣùwọ̀n òjò mẹ́ta tí a fi ìgò oníke ṣe sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 11. Lẹ́yìn òjò kan, rúlà fi mìlímítà 12 hàn nínú èkíní, tí a fi òkúta wẹ́wẹ́ àti omi dí ìdí rẹ̀. Ó fi 30 hàn nínú èkejì, tí àrọ rẹ̀ ń da omi sínú ìgò gíláàsì tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 7. Ó sì fi 21 hàn nínú ẹ̀kẹta, tí a kò fi nǹkan kan sí nídìí. Bàrómítà tí a fi bàlóònù ṣe sì ń sọ ní gbogbo ọ̀sán pé òjò ń bọ̀, òjò kì í sì í dé. Èwo ni kí àwọn ọmọ kọ sílẹ̀, báwo ni kí wọ́n sì ṣe yà á sórí gíráàfù?”

Ìdáhùn: Èkíní ni kí wọ́n kọ sílẹ̀ fún òjò ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n èkejì ni mo fẹ́ kí ẹ máa lò láti ìsinsìnyí lọ, ẹ óò sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Òjò kan náà ni ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà, ẹnu wọn kò sì fẹ̀ ju ara wọn lọ, nítorí náà iye omi kan náà ni ó bọ́ sínú wọn. Ohun tí ó yàtọ̀ ni àyè tí omi náà dúró sí lẹ́yìn tí ó ti wọlé.

Nígbà tí a bá sọ pé òjò mìlímítà 12 rọ̀, ohun tí à ń sọ ni pé bí gbogbo omi náà bá dúró lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, tí kò ṣàn lọ, tí ilẹ̀ kò fà á mu, tí oòrùn kò sì gbẹ ẹ́, yóò jìn ní mìlímítà 12. Lórí ilẹ̀ tí gígùn àti ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà kan-kan, mìlímítà kan òjò jẹ́ lítà omi kan gẹ́lẹ́. Rúlà lè ka ìjìnlẹ̀ yìí ní tààrà nínú ìgò kan bí ẹ̀gbẹ́ ìgò náà bá dúró ṣánṣán, bí ìdí rẹ̀ bá tẹ́jú, tí ibi tí omi dúró sí sì fẹ̀ bákan náà pẹ̀lú ẹnu tí òjò gbà wọlé. Bí ọ̀kan nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí bá yẹ̀, rúlà yóò ṣì máa sọ nǹkan kan fún yín, ṣùgbọ́n kì í ṣe mìlímítà òjò ni yóò máa sọ.

Ẹ wo ìgò kẹta. Ìdí ìgò ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò kì í tẹ́jú. Ó ní ẹsẹ̀ bíi márùn-ún tí ó yọ síta, pẹ̀lú ihò láàárín wọn. Omi àkọ́kọ́ tí ó bá wọlé máa ń lọ sínú àwọn ẹsẹ̀ tóóró wọ̀nyẹn, yóò sì tètè gòkè nítorí pé àyè kò tó. Èyí ló mú kí òjò mìlímítà 12 dà bí 21. Ohun tí ó burú nínú àṣìṣe yìí ni pé kì í dúró lójú kan: òjò kékeré máa ń di ìlọ́po púpọ̀, òjò ńlá sì máa ń súnmọ́ òótọ́ díẹ̀, nítorí náà ẹ kò lè rí nọ́ḿbà kan ṣoṣo tí ẹ óò fi pín in kí ó tọ́. Nínú ìgò èkíní, ẹ ti fi òkúta àti omi borí àwọn ẹsẹ̀ náà títí dé ibi tí ẹ̀gbẹ́ ìgò ti dúró ṣánṣán, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ibẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé omi tí ó wà lábẹ́ ìlà òdo náà máa ń gbẹ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí oòrùn mú, omi yóò ti wà nísàlẹ̀ ìlà, òjò tí ó bá wá rọ̀ yóò kọ́kọ́ dí àlàfo yẹn kí ó tó hàn lójú rúlà. Bí àwọn ọmọ bá ń lò ó, wọ́n gbọ́dọ̀ máa wo ìlà òdo ní àràárọ̀, kí wọ́n sì fi omi kún un bí ó bá ti lọ sílẹ̀.

Ìgò kejì ni ó dà bíi pé ó parọ́ jù, ṣùgbọ́n irọ́ tirẹ̀ ní ìlànà. Omi wọlé láti ẹnu tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 11, ó sì dúró sí ibi tí ó fẹ̀ ní 7 péré, ó sì di dandan kí ó ga ju bí ó ti yẹ lọ. Bí ó ti ga tó jẹ́ bákan náà ní gbogbo ìgbà: òjò kékeré àti òjò ńlá ni ó ń sọ di bí ìlọ́po méjì ààbọ̀. Irú ìtóbi yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ ojú-ọjọ́ ń mọ̀ọ́mọ̀ wá. Nínú òṣùwọ̀n òjò tí Amẹ́ríkà ti ń lò láti ìgbà pípẹ́, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní ínṣì 8, ọ̀pá tóóró tí omi ń bọ́ sí nínú rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ẹnu náà ní fífẹ̀ ojú, kí òjò díẹ̀ lè ga tó ohun tí ojú ènìyàn lè kà. Ohun tí ìgò kejì yín ṣaláìní ni ìlà òṣùwọ̀n tirẹ̀. Rúlà ilé ìwé kọ́ ni ó yẹ ẹ́.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ṣe ìlà òṣùwọ̀n yìí fúnra rẹ̀ láìmọ bí a ti ń fi ìṣirò wá ojú òbìrí. Ẹ jẹ́ kí ó da ẹnu àrọ náà dé orí pépà alápòótí tí ẹ̀gbẹ́ àpótí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà kan, kí ó fi pẹ́ńsùlù yí i po, kí ó sì ka àwọn àpótí inú rẹ̀. Èyí tí ìlà gé, tí ó ju ìdajì lọ, kí ó kà á sí odindi; èyí tí kò tó ìdajì, kí ó fò ó. Fún ẹnu tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 11, yóò rí nǹkan bí àpótí 95. Bí omi bá jìn ní sẹ̀ǹtímítà kan lórí àpótí 95, mìlílítà 95 ni omi náà. Sẹ̀ǹtímítà kan jẹ́ mìlímítà 10, nítorí náà mìlílítà 95 dúró fún òjò mìlímítà 10, mìlílítà 9.5 sì dúró fún mìlímítà kan. Bí ọmọ kan bá ka 93 tí ẹlòmíràn ka 97, kò séwu; kí wọ́n gba àárín.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lẹ pépà gígùn kan mọ́ ẹ̀yìn ìgò gíláàsì náà, kí ẹ sì fi síríǹjì tí a fi ń wọn oògùn olómi fún ọmọdé, èyí tí kò ní abẹ́rẹ́, da mìlílítà 95 omi sínú rẹ̀. Ibi tí omi bá dé ni ẹ óò fà ìlà sí, ẹ óò sì kọ 10 sí i. Ẹ tún da 95 sí i, ẹ kọ 20, títí ìgò yóò fi kún. Ẹ óò rí i pé àlàfo tí ó wà láàárín ìlà kan àti èkejì fẹ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀, èyí tí ó fún àwọn ọmọ láyè láti pín in sí mẹ́wàá, kí wọ́n sì tún lè fojú dá ààbọ̀ mìlímítà mọ̀. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju rúlà lọ nítorí ohun mìíràn pẹ̀lú: bí ìdí ìgò gíláàsì náà bá wú sókè díẹ̀, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò dúró ṣánṣán, omi tí ẹ fúnra yín dà sí i ti mú ìyẹn wọ inú ìlà tí ẹ fà. Bí ìdí rẹ̀ bá wú púpọ̀, àlàfo abẹ́ ìlà àkọ́kọ́ yóò kàn fẹ̀ ju àwọn yòókù lọ díẹ̀ ni; ẹ fi mìlílítà 9.5 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan fà àwọn ìlà kéékèèké inú apá yẹn, ẹ má ṣe fi rúlà pín in.

Ẹ lè fi èyí yẹ òjò ọjọ́ yẹn wò. Bí ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ṣì ní omi wọn nínú, ẹ fi síríǹjì fa omi inú èkejì tán, yóò sún mọ́ mìlílítà 114. 114 tí a pín sí ọ̀nà 9.5 jẹ́ 12. Omi ìgò kẹta náà yóò súnmọ́ 114. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wọn bá yàtọ̀ gidi, bóyá 90, a jẹ́ pé kì í ṣe ìrísí ìgò ni ìṣòro náà. Ẹnu ìgò náà ti dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí ó ń jò, tàbí nǹkan kan ń bo òjò mọ́ ọn lójú.

Ibi tí ẹ gbé òṣùwọ̀n sí lè ba gbogbo iṣẹ́ yìí jẹ́ láìsí ariwo. Ìlànà tí mo máa ń fún àwọn olùkọ́ ni pé kí ó jìnnà sí ògiri tàbí igi tó ìlọ́po méjì gíga nǹkan náà, ó kéré tán: ògiri tí ó ga ní mítà 3, ẹ jìnnà sí i ní mítà 6. Kí ẹnu rẹ̀ wà ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30 sókè ilẹ̀, kí omi tí ó ń ta láti ilẹ̀ má baà wọlé, kí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ koríko dípò kọnkéré. Ẹ ri garawa àlòkù kan tí ó kún fún yanrìn mọ́lẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì gbé òṣùwọ̀n náà sínú yanrìn, afẹ́fẹ́ kò ní lè gbé e ṣubú. Àgbàlagbà ni kí ó gé ìgò. Kí a fi tépù dí etí tí a gé, ṣùgbọ́n ẹ ká tépù náà sí ìta, nítorí bí ó bá wọ inú, ẹnu ìgò kò fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 11 mọ́, nọ́ḿbà 95 yín kò sì ní dúró.

Nísinsìnyí, bàrómítà. Afẹ́fẹ́ tí a dé mọ́nú ìgò pẹ̀lú rọ́bà bàlóònù ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: bí afẹ́fẹ́ ìta bá tẹ rọ́bà náà wọlé, ìdí ìtọ́ka tí a lẹ̀ mọ́ ọn yóò lọ sílẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ yóò gòkè, bí ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ ìta bá dínkù, rọ́bà yóò wú, ṣóńṣó yóò sì sọ̀ kalẹ̀, èyí tí àwọn ìwé máa ń pè ní àmì òjò. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ inú ìgò náà ń wú nígbà tí ó bá gbóná. Fún ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì kan tí ó fi gbóná sí i, ìtẹ̀ rẹ̀ ń pọ̀ sí i ní nǹkan bí ìpín kan nínú 300. Bí kíláàsì yín bá gbóná ní ìwọ̀n 6 láàárín òwúrọ̀ àti ọ̀sán, ìpín 2 nínú 100 nìyẹn, ó sì tó ohun tí ìyípadà ojú-ọjọ́ ńlá lè fà láàárín ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Nítorí náà ọ̀sán ni ẹ̀rọ yín ń kéde, kì í ṣe òjò. Tẹmómítà ni ó jẹ́, ó kàn wọ aṣọ bàrómítà ni.

Àwọn ọmọ lè fi ọwọ́ ara wọn rí i: kí ọmọ kan fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di ìgò náà mú fún ìṣẹ́jú méjì, ìtọ́ka yóò sì sọ̀ kalẹ̀ láìsí ìkùukùu kankan lójú ọ̀run. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ lò ó, ẹ gbé e sínú ilé, ní ibi tí oòrùn kì í dé, kí ẹ fi fóòmù àlòkù wé e, kí ẹ sì máa kà á ní àárọ̀ nìkan. Ẹ má bẹ̀rù pé ilé ni ó wà. Ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ inú ilé kò yàtọ̀ sí ti ìta. Síbẹ̀ rọ́bà bàlóònù ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, ìtọ́ka yóò sì máa sún láti ọjọ́ dé ọjọ́. Èmi kò ní fi í sórí gíráàfù. Ẹ̀kọ́ nípa ooru ni yóò wúlò fún jù.

Tẹmómítà nìkan ni mo ní kí ẹ rà, èyí tí a fi ọtí ṣe, kì í ṣe ti mẹ́kúrì. Èyí tí wọ́n fi ìgò àti sítíróò ṣe lè fi hàn pé omi ń wú bí ó bá gbóná, ṣùgbọ́n kò lè fún yín ní nọ́ḿbà tí ẹ óò gbẹ́kẹ̀ lé. Àlòkù ni kí ẹ fi ṣe ilé rẹ̀: ẹ to àwo oníke funfun bíi mẹ́fà dà bolẹ̀ lórí ara wọn, kí àlàfo ìka kan wà láàárín wọn, kí ẹ gé ihò sáàárín gbogbo wọn àfi ti òkè pátápátá, kí tẹmómítà rọ̀ sínú ihò náà ní nǹkan bí mítà kan àti ìdá kan nínú mẹ́rin sókè ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ yóò máa gba inú rẹ̀ kọjá, oòrùn kò sì ní bà á.

Ní ti kíkọ sílẹ̀, ẹ yan wákàtí kan, kí ẹ má sì yẹ̀ ẹ́. Aago 9 àárọ̀ dára nítorí pé ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ojú-ọjọ́ ń lò ó. Omi tí ẹ bá rí ní aago 9 ọjọ́ Ìṣẹ́gun jẹ́ ti wákàtí 24 tí ó ti kọjá, èyí tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ Ajé. Ẹ kọ́kọ́ pinnu orúkọ ọjọ́ tí ẹ óò fi pè é, kí ẹ kọ ìpinnu náà sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé yín. Ọmọ méjì ni kí ó máa kà á, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ tirẹ̀ láìjẹ́ kí èkejì rí i, kí ojú wọn sì wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú omi. Bí àwọn méjèèjì bá fi ju mìlímítà kan lọ yàtọ̀ síra, kí wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó dà á nù. Ó dára kí ọ̀kan nínú àwọn méjì náà dúró di ọjọ́ kejì, kí ó máa kọ́ ẹni tuntun, nítorí pé bí ẹ bá pààrọ̀ àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀nà kíkà náà ń yí padà láìsí ẹni tí ó mọ̀.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ìwé náà ni ìyàtọ̀ láàárín òdo àti àlàfo. Òdo túmọ̀ sí pé a lọ wò ó, kò sì sí omi kankan. Bí ìgò bá tutù nínú ṣùgbọ́n tí omi rẹ̀ kò ṣeé kà, kí wọ́n kọ “díẹ̀”. Bí ẹnikẹ́ni kò bá lọ wò ó, kí wọ́n fa dáàṣì. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó rí àyè òfìfo máa ń fẹ́ fi òdo dí i, ìwà tónítóní sì ni lójú rẹ̀, àmọ́ ọjọ́ tí òjò rọ̀ ni ó ń sọ di ọ̀gbẹlẹ̀.

Ká wo ọ̀sẹ̀ kan. Ká ní ọjọ́ Ajé jẹ́ 0, Ìṣẹ́gun 12, Ọjọ́rú 3.5, Ọjọ́bọ̀ 0, Ẹtì 0. Kò sí ẹni tí ó wá ní Àbámẹ́ta àti Àìkú, nígbà tí ó sì di Ajé tí ó tẹ̀lé e, mìlímítà 21 wà nínú ìgò. A kò lè kọ 21 fún ọjọ́ kan, a kò sì lè pín in sí 7, 7, 7, nítorí pé ó lè jẹ́ òru kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ rọ̀. Kí wọ́n fi dáàṣì sí Àbámẹ́ta àti Àìkú, kí wọ́n sì kọ “21, ọjọ́ mẹ́ta” sí Ajé. Àpapọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, 36.5, ṣì pé, òun ni ẹ óò lò ní òpin oṣù. Ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ kán òróró jíjẹ díẹ̀ sínú ìgò, kí ó lè léfòó lórí omi tí ó bá wọlé, kí oòrùn òpin ọ̀sẹ̀ má baà fa omi náà gbẹ. Ẹ sì fi ọṣẹ fọ ìgò náà ní Ajé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òróró yóò di ìlà kíkà mọ́ àwọn ọmọ lójú.

Gíráàfù olópòó ni ti òjò, nítorí pé òjò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan dá dúró. Kò sí ohun tí ó so 12 ọjọ́ Ìṣẹ́gun pọ̀ mọ́ 3.5 ọjọ́ Ọjọ́rú. Òpó náà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ìwọ̀n ooru ni kí wọ́n fi àmì tó-tò-tó sí, kí wọ́n sì fi ìlà so ó pọ̀, torí pé ooru kì í dáwọ́ dúró láàárín ọjọ́ kan sí èkejì; ìlà rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti 15 tàbí 20, bí ẹ kò bá ti ń rí ohun tí ó kéré jù bẹ́ẹ̀. Níbi tí dáàṣì bá wà, kí ìlà náà já. Ní ti 21 yẹn, mo máa ń ní kí wọ́n fi àyè òpin ọ̀sẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, kí wọ́n sì fi ìlà nìkan ya òpó Ajé, láìkùn ún dí bí àwọn yòókù, kí ẹni tí ó bá wò ó lè bèèrè ìdí.

Àṣìṣe kan wà tí ó wọ́pọ̀ láàárín ọjọ́ orí yìí ju gbogbo rẹ̀ lọ: ọmọ náà yóò kọ àwọn nọ́ḿbà tí ó ní gan-an sí ẹ̀gbẹ́ gíráàfù, 0, 3.5, 12, 21, pẹ̀lú àlàfo kan náà láàárín wọn. Ẹ óò mọ̀ ọ́n nítorí pé òpó rẹ̀ yóò máa ga bí àtẹ̀gùn tí ìpele rẹ̀ dọ́gba. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ nọ́ḿbà sí ẹ̀gbẹ́ gíráàfù kí oṣù tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó mọ iye òjò tí yóò rọ̀: àpótí kan fún mìlímítà 2, láti 0 dé 60. Bí òjò bá ju 60 lọ, kí wọ́n lẹ pépà mọ́ òkè rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ fi tiyín wé ti ibùdó ìjọba tí ó súnmọ́ yín, ẹ fi àpapọ̀ oṣù wé àpapọ̀ oṣù. Ti ọjọ́ kan lè yàtọ̀ pátápátá láìsí ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, torí pé òjò lè rọ̀ síbi kan kí ó má dé ibi tí kò jìnnà sí i. Bí tiyín bá ń kéré sí tiwọn ní gbogbo oṣù, ẹ lọ wo igi àti ògiri àyíká òṣùwọ̀n yín lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo ẹnu àrọ bóyá ó ṣì dúró gbọọrọ.

Oòrùn yóò mú kí ike náà le, yóò sì sán nígbà tó bá yá. Ìgò tí ẹ bá fi pààrọ̀ rẹ̀ lè má fẹ̀ bákan náà. Bí ẹnu rẹ̀ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 9, nǹkan bí àpótí 64 ni àwọn ọmọ yóò kà, mìlílítà 64 ni yóò sì jẹ́ mìlímítà 10. Ẹ ṣe ìlà òṣùwọ̀n tuntun fún un, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sínú ìwé náà.